Káàdì Tí Kọ̀ǹpútà Pò Tí Kò Dọ́gba

Ẹni tó bá ń fi Páítọ́nì kọ eré káàdì gbọ́dọ̀ kọ fọ́ńṣọ̀n kan tí yóò máa po káàdì pọ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni pé kí wọ́n gba orí àyè kọ̀ọ̀kan kọjá, kí wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín gbogbo àyè tó wà, kí wọ́n sì fi káàdì ibẹ̀ pààrọ̀ èyí tí kèké mú. Lójú, káàdì ti dàrú dáadáa. Síbẹ̀, ojúsàájú wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi káàdì mẹ́ta, A, B àti C, yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà mẹ́fà péré la lè gbà tò wọ́n. Ìgbà mẹ́ta ni fọ́ńṣọ̀n yìí ń ṣẹ́ kèké, ibi mẹ́ta ni kèké sì lè bọ́ sí nígbà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ta ló fẹ́ pín 27 fún ẹni mẹ́fà tí kò ní ṣẹ́kù? BCA àti ìtò méjì mìíràn ń gba márùn-ún márùn-ún. CBA àti àwọn tó kù ń gba mẹ́rin mẹ́rin. Wíwo ìpò kan ṣoṣo kò lè tú àṣírí yìí. Ẹ pò ó nígbà 27,000, kí ẹ sì máa kà: ó yẹ kí ìtò kọ̀ọ̀kan yọ ní nǹkan bí ìgbà 4,500, ṣùgbọ́n àwọn kan yóò sún mọ́ 5,000, àwọn kan 4,000.

Ronald Fisher àti Frank Yates ti tẹ ọ̀nà tó tọ́ jáde ní 1938, nígbà tí bébà àti gègé ni wọ́n fi ń ṣe é. Richard Durstenfeld sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà ní 1964. Káàdì tó bá ti gba àyè tirẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́:

```python
import secrets

def po_kaadi(kaadi):
    for i in range(len(kaadi) - 1, 0, -1):
        j = secrets.randbelow(i + 1)
        kaadi[i], kaadi[j] = kaadi[j], kaadi[i]
```

Láti ìparí ló ti ń bọ̀. Fún káàdì mẹ́ta, kèké àkọ́kọ́ ní ibi mẹ́ta, èkejì ní méjì: mẹ́fà géérégé, ọ̀kan fún ìtò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fojú di `+ 1` yẹn. Láti 0 ni Páítọ́nì ti ń kà, nítorí náà ẹni tó bá kọ `i` nìkan ti yọ àyè tí káàdì náà wà kúrò nínú kèké. Káàdì kankan kò ní lè dúró sí àyè rẹ̀ mọ́, BCA àti CAB nìkan ni yóò sì máa yọ. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn! Káàdì tó dúró síbi tó wà náà jẹ́ ara ìpò tó dọ́gba.

Ó ku ibi tí kèké ti ń wá. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ kóòdù eré pókà kan wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí a sọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé iye mílísẹ́kọ́ọ̀dù tó ti kọjá láti ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kèké. 86,400,000 péré nìyẹn lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ káàdì 52 ní iye ìtò tó gùn tó díjítì 68. Nígbà tí wọ́n mú aago wọn bá ti ẹ̀rọ náà mu, káàdì díẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ti tó fún wọn láti mọ gbogbo ìyókù. Ìdí nìyí tí mo fi lo `secrets`, tó ń gba kèké lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Fún eré ọmọdé tí kò sí owó níbẹ̀, `random.shuffle` tí Páítọ́nì ti ní nílẹ̀ ti tó.