Kí Ọ̀rọ̀ Ìfẹ̀yìntì Má Dà Bí Ìkéde Òkú

Lọ́jọ́ tí òbí bá ń fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ọmọ á ya wọ́n ní fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, á gbé e sórí Wásáàpù, á wá máa ro ohun tí yóò kọ sábẹ́ rẹ̀. Orí ọmọ á wú, omi á sì máa lé ròrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń dágbére fún ẹni tó parí iṣẹ́ sún mọ́ èyí tí a fi ń dágbére fún òkú. Bí a kò bá ṣọ́ra, ẹ̀gbọ́n Màmá tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ ní Jọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì bú sẹ́kún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ọmọ wọn kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí:

“Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn Màmá mi. Ìyá rere ni wọ́n, òṣìṣẹ́ takuntakun ni wọ́n. Ẹ ti sa ipá yín. Ẹ máa sinmi, a ó máa rántí yín.”

Ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde òkú ló jọ. “Ọjọ́ ìkẹyìn” tí kò ní “lẹ́nu iṣẹ́” lẹ́yìn, ọjọ́ ikú ni ẹni tó kà á yóò rò. “Ẹ máa sinmi” àti “a ó máa rántí yín” sì ni a máa ń rí lára pósítà òkú. Èdè wa náà tún dá kún un, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà fún ohun tó ti kọjá. “Ìyá rere ni wọ́n” bá alààyè mu, ó sì bá ẹni tó ti lọ mu. Àwa tí à ń kọ ọ́ la gbọ́dọ̀ fi àsìkò sí i: “lónìí,” “títí di òní,” tàbí ohun tí Màmá fẹ́ ṣe lọ́la.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ ká ṣọ́ ni “wọ́n.” Òun la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, òun náà la sì fi ń tọ́ka sí àwọn tí a kò dárúkọ. Bí ọmọ bá kọ “Wọ́n ti fẹ̀yìn Màmá mi tì,” ohun tí a gbọ́ ni pé àwọn kan ló ní kí Màmá máa lọ. “Màmá mi fẹ̀yìn tì” ni kó kọ, nítorí ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí pẹ̀lú iyì kò ní fẹ́ kí a rò pé ṣe ni wọ́n lé òun.

Ẹ má fojú bu iye ọdún. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ máa ń fẹ̀yìn tì bí ó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí bí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Fún àwọn olùkọ́, òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di 65 tàbí 40. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ̀yìn tì ló lo ọdún 35. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi gba Màmá síṣẹ́. Ọdún 1990 ló wà lára ti ìyá yìí, ọdún 2025 ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì.

Ó ku ìyìn. “Òṣìṣẹ́ takuntakun” bá ẹnikẹ́ni mu. Ẹ wá ohun kan tí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé nìkan rí. Nínú ilé yìí, iṣẹ́ alẹ́ ni: oúnjẹ tí Màmá máa ń dé sórí tábìlì kí wọ́n tó jáde. Ọmọ náà wá tún un kọ:

“Màmá mi rèé lónìí, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọn lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀; ó pé ọdún 35. Bí wọ́n bá ń lọ síṣẹ́ alẹ́, wọ́n á dé oúnjẹ wa sórí tábìlì, wọ́n á lọ ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ di òwúrọ̀. Lálẹ́ òní, àwa la máa dé oúnjẹ dè wọ́n. Ẹ kú iṣẹ́, Màmá wa. Ẹ kú oríire.”

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fọwọ́ bo fọ́tò, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sétí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í pé, “Ṣé ẹni yìí ṣì wà láyé?” Bí ó bá ṣiyèméjì, ẹ tún un kọ.