Bí A Ṣe Ń Sọ Fíìmù Ènìyàn Di Àwòrán Onílà

Ní ọdún 1915 ni Max Fleischer ní ìlú New York tọrọ ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan tí ó ń tan fíìmù sí ẹ̀yìn gíláàsì, kí ayàwòrán lè fi pẹ́ńsùlù tọ ipa rẹ̀. Dave, àbúrò rẹ̀, ni ó wọ aṣọ aláwàdà tí wọ́n fi ya fíìmù náà. Ọ̀nà yìí ni à ń pè ní rotosikóòpù. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó wà ní ipò gíláàsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4 nínú ọgbà ìjọ kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Kí ó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà rí bàìbàì. Kí ó má ṣe fi aṣọ funfun dúró níwájú ògiri funfun, nítorí a kò ní rí etí aṣọ náà tọ̀. Kí kámẹ́rà dúró gbọn-in, kí ó sì máa ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, a ó yọ ìdajì wọn:

```
ffmpeg -i akorin.mp4 -vf fps=12 a%03d.png
```

Àwòrán 48 ni a ó rí. A ó kó wọn sínú Krita láti `File > Import Animation Frames`, a ó mú kí wọ́n ṣá díẹ̀, a ó sì máa ya ìlà wa sórí ìpele mìíràn.

A kì í bẹ̀rẹ̀ láti àwòrán kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Ibi tí ọwọ́ ti ga jù lọ àti ibi tí ó ti balẹ̀ jù lọ ni a ó kọ́kọ́ yà, kí a tó kún àárín wọn. Kí a má sì lépa ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan: igbá náà àti okùn mẹ́ta tó, bí okùn mẹ́ta náà kò bá ti yí padà títí dé òpin.

Nígbà tí a bá parí, kí a pa fíìmù mọ́, kí a wo ìlà nìkan. Bí ojú akọrin tí kò mira bá ń gbọ̀n bí omi tí ń hó, ohun tí ó fà á ni pé ọwọ́ wa kò lè ya ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a ya orí àti ara sórí ìpele tiwọn lẹ́ẹ̀kan, kí a fi wọ́n sílẹ̀ títí wọn yóò fi yí ní tòótọ́. Apá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ni a ó máa tún yà.

Bí lílù náà bá sì dàbí ẹni pé kò kan ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí ìgbà tí ó kan ọwọ́ gan-an wà lára ìdajì tí a kò yọ. Kí a padà sínú fíìmù, kí a mú àwòrán náà, kí a fi í rọ́pò èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Nígbà náà ni ojú yóò gba ohun tí etí ń gbọ́.