Èébú Tí Ìyá Elépo àti Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ń Bú Ara Wọn

“Ìwọ obìnrin yìí, o funfun bí eégún tó sá kúrò ní ìgbàlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀kú wọ̀ ọ́ tán!”

“Ẹ ṣeun o, Ìyá Elépo. Bí ẹ bá délé lálẹ́, ẹ sáà fún ìró yín sínú ìkòkò. Epo ara rẹ̀ á tó gbogbo ilé se ọbẹ̀.”

Àlejò tó bá gbọ́ irú èyí ní ọjà Bódìjà, n’Ìbàdàn, á rò pé ìjà ti dé, á sì máa wá ẹni tí yóò là á. Àwọn ará ọjà ò tilẹ̀ ní gbójú sókè. Ìtàn ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé irú àjọṣe yìí. Mo hun ún láti inú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìsọ̀ sí ìsọ̀, nítorí náà orúkọ ọjà tí wọ́n ń tà nìkan ni mo máa fi pe àwọn méjèèjì. Ìyá Elépo ló dàgbà jù, òun náà ló kọ́kọ́ dé ìsọ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ń ta èlùbọ́ tó ń wá láti apá Ṣakí, kóńgò ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ ò rí i pé bí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ṣe ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó, “ẹ” ni ó ń lò? Èébú náà ní òfin. Wọ́n lè bú aṣọ, wọ́n lè bú ìrìn, wọ́n lè bú ọjà. Ìyá Elépo lè sọ pé bí èèyàn bá fi èlùbọ́ ọ̀hún rokà, kòkòrò inú rẹ̀ á kọ́kọ́ kí onílé kú ìjókòó. Èkejì á fèsì pé kòkòrò tòun kúkú mọ èèyàn kí, pé epo tiwọn ńkọ́, tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí ó ti sùn lọ, ó di ìgbà tí oòrùn bá ràn kó tó jí. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọmọ, tàbí àìsàn, tàbí òkú ẹnìkejì. Kò sì sí ẹni tí yóò bú ọjà ẹnìkejì nígbà tí oníbàárà bá ti dúró níwájú rẹ̀.

Níbi tí oníbàárà bá dé yìí gan-an ni mo ti máa ń rí iṣẹ́ tí èébú náà ń ṣe. Obìnrin kan ń wo epo, ó ń fura pé omi wà nínú rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú Ìyá Elépo tán á dá sí i: “Ẹ rọ díẹ̀ sínú agbada gbígbóná. Epo tó lómi á máa ta pàràpàrà. Eléyìí ò ní ta, òun lèmi náà ń jẹ nílé.” Oníbàárà á gbà á gbọ́, torí etí rẹ̀ ló ṣe gbọ́ èébú. Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí aládùúgbò rẹ̀ lójú ayé, ta ló máa rò pé ó ń bá a purọ́?

Ìgbà tí àjọṣe wọn wá rí ìdánwò ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun máa pààrọ̀ bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Tuntun ò sì kárí. Owó wà nínú báńkì, kò sí lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ gba owó lọ́dọ̀ àwọn oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ń fi owó gọbọi ra owó.

Ìyá Elépo ò ní àkáǹtì, kò sì mọ̀wé kà. Bí kò bá gba owó orí fóònù, epo á kàn jókòó sí ìsọ̀ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ sára pákó tó wà láàárín ìsọ̀ méjèèjì. Kò sọ pé òun fẹ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó sọ ni pé igbe “kò sówó, kò sówó” tí Ìyá Elépo ń ké ti ń lé oníbàárà òun sá. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ra epo á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹlẹ́lùbọ́. Ìyá Elépo á fa ìlà kan fún ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lára pákó. Bí ẹni tó ń kó kẹ́ẹ̀gì epo wá bá dé, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ á fi owó ránṣẹ́ sí i tààrà, wọ́n á sì nu ìlà tó bá a mu kúrò.

Ṣùgbọ́n òun náà ò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìwé owó ₦50 àti ₦100 ò sí lára èyí tí wọ́n pààrọ̀, Ìyá Elépo sì ti ń kó wọn pamọ́ sínú agolo tipẹ́ nítorí ṣéńjì. Lálaalẹ́ ló ń ka owó ọkọ̀ jáde. “Gbà, tètè máa lọ, kí ìyẹ̀fun rẹ má bàa fọ́ mi lójú.” Bó bá jẹ́ pé ó rọra pè é, tó fi àánú fún un, àgbà obìnrin tó ní ìsọ̀ tirẹ̀ ò ní lè máa gba owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Èébú ló ń bo ojú wọn méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ dé, ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Àyà Ìyá Elépo já. “Ta ló kú?”

Kò sẹ́ni tó kú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìyá olóńjẹ kan ra epo ₦8,000 àti èlùbọ́ ₦4,000. Ó fi ₦12,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi hàn lójú fóònù rẹ̀ pé owó ti kúrò. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ jẹ́ kó gbé ọjà lọ láì dúró de alẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, owó ò wọlé. Ohun tó yẹ kéèyàn wò kọ́ ló wò, torí pé owó kúrò lọ́dọ̀ olówó ò tíì túmọ̀ sí pé ó dé. Ìlà mẹ́jọ wà lára pákó tí kò sówó ní ìdí wọn.

Ìyá Elépo ò béèrè owó rẹ̀. Ó so ìró rẹ̀ le, ó gbọ̀nà ilé olóńjẹ lọ. Nígbà tí obìnrin náà yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó rí i pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dá owó ọ̀hún padà sọ́dọ̀ òun lóru. Ojú tì í, ó sì fi owó náà ránṣẹ́ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí Ìyá Elépo tó padà dé ìsọ̀, alẹ́ẹ̀tì ti dún: ₦12,000. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn dún tó yọ ₦50, torí nígbà náà, ìjọba máa ń gba iye yẹn lórí owó tó bá wọ àkáǹtì láti ₦10,000 sókè.

“Ìwọ lo ni báńkì,” Ìyá Elépo wí, “ìwọ ni wàá san ₦50.”

“Owó epo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bí ìró yín bá wúwo tó báyìí, ẹ ṣe tún ń wojú mi nítorí ₦50?”

“Ṣé o rí i? Eégún ti gbẹnu padà!”

Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan yà, tó ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì epo, tó ń gbóòórùn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ gbàgbé ₦50.

“Ẹ wá, ẹ wá, màmá. Epo gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ìgò.”