Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Wọ Yàrá Anátọ́mì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Láìpẹ́, ẹ máa wọ yàrá tí a ti ń la òkú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun méjì ló máa ń já akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láyà: òkú fúnra rẹ̀, àti àìmọye orúkọ tí wọ́n ní kí ẹ há sórí. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ara tí ẹ máa bá lórí tábìlì kò rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Fọ́máálíìnì tí wọ́n fà sí i lára ti mú kí ẹran rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣú. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn tí a bá gé e. Àyà àti abíyá la máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ojú òkú á ṣì wà ní bíbò. Òórùn fọ́máálíìnì ni yóò kọ́kọ́ kí yín: ó máa ń ta ojú, ó sì máa ń ta imú. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, nítorí ẹni tí ebi ń pa tó tún dúró gbagidi lójú kan ni òòyì máa ń kọ́. Bí orí bá ń fò yín, tí òógùn tútù bá bò yín, ẹ má dúró fi agídí ṣe é. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ tẹ orí ba, yóò rọlẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó máa yọ máàkì ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn.

Ní ti orúkọ, ohun tó máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lágara ni pé ó kọ wọ́n sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni kọ orúkọ àwọn tó wá sí ìpàdé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú nẹ́ẹ̀fù kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ lé e láti ibi tó ti ṣẹ̀ dé ibi tó parí sí. Nẹ́ẹ̀fù rédíálì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Inú abíyá ló ti gbéra. Kó tó jìnnà, ó ti yọ ẹ̀ka sí tiráísẹ́ẹ̀pù, iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn apá òkè, tí a fi ń na ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀yìn egungun apá òkè kọjá nínú poro kan, ó sún mọ́ egungun yẹn tímọ́tímọ́. Ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ìta, ó yọ sí iwájú ìgbọ̀nwọ́, ó sì pín sí méjì. Ẹ̀ka kan lọ sí awọ ẹ̀yìn ọwọ́, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, òun la fi ń mọ nǹkan tó bá kàn wá níbẹ̀. Ẹ̀ka kejì la inú iṣan tó ń yí àtẹ́lẹwọ́ sókè kọjá, ó sì lọ bá àwọn iṣan tó ń na àwọn ìka.

Ẹ wá wo ọkùnrin kan tó ṣubú lórí ọ̀kadà, tí egungun apá òkè rẹ̀ kán ní agbedeméjì. Ó dé ilé ìwòsàn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ, kò lè gbé e sókè. Ẹ ní kó na ìgbọ̀nwọ́, ó nà án. Ẹ fi òwú kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nídìí àtàǹpàkò, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó há orúkọ sórí á máa rò pé nẹ́ẹ̀fù méjì tàbí mẹ́ta ló bàjẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀nà mọ̀ pé ẹyọ kan ni. Ó dà bí ọkọ̀ tó kúrò n'Íbàdàn tó ń lọ sí Ifẹ̀, tí ọ̀nà wá dí láàárín Ìkirè àti Gbọ̀ngán. Èrò tó sọ̀ ní Aṣẹ́jirẹ́ àti Ìkirè ti délé; àwọn ti Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀ ni kò dé. Ẹ̀ka tiráísẹ́ẹ̀pù ti sọ̀ kí nẹ́ẹ̀fù náà tó dé ibi tí egungun ti kán, ìyẹn ni ìgbọ̀nwọ́ fi ń ṣiṣẹ́.

Pẹ̀lú ọ̀nà kan náà, ẹ lè mọ ibòmíràn tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀. Bí aláìsàn bá ń fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọ̀pá tó ń tẹ̀ ẹ́ ní abíyá, ìgbọ̀nwọ́ náà yóò rọ, nítorí abíyá ni ọ̀nà ti dí. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ka kejì nìkan ló há sínú iṣan ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ìka kò ní lè nà, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ṣì máa gbéra, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ á sì mọ nǹkan lára.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ọkùnrin tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ yìí ṣì lè na orí ìka rẹ̀, nítorí àwọn iṣan kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ ń bá a ṣe é, nẹ́ẹ̀fù mìíràn ló sì ń darí wọn. Ẹni tó bá wo orí ìka nìkan á ní kò sí nǹkan tó ṣe nẹ́ẹ̀fù rédíálì. Oríkèé ìdí ìka, níbi tó ti so mọ́ ọwọ́, ni kí ẹ máa wò.

Ọ̀nà yìí tún ń sọ ìgbà tí ọwọ́ yóò padà bọ̀ sípò. Bó bá jẹ́ pé nẹ́ẹ̀fù náà kàn ṣèṣe, ó lè jí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí okùn inú rẹ̀ bá já, tí èèpo rẹ̀ ò já, ó máa ń hù padà ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́. Bí iṣan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ibi tó ti bàjẹ́ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 síbẹ̀, ẹ máa retí ìṣípòpadà rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta àbọ̀. Iṣan tó sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ló ń kọ́kọ́ jí, ti àtàǹpàkò ló ń gbẹ̀yìn. Bí oṣù bá ń lọ tí èyí tó súnmọ́ tòsí kò mira, dókítà gbọ́dọ̀ tún un wò.

Báwo ni ẹ ṣe máa rí i nídìí tábìlì? Ẹ má fi ọ̀bẹ wá nẹ́ẹ̀fù. Ọ̀bẹ wà fún awọ, kò sì gbọdọ̀ wọlé jìn. Tí ẹ bá ti dé ibi ọ̀rá, ẹ kó ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ ti ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ inú rẹ̀ ní pípadé, kí ẹ ṣí i níbẹ̀, kó máa ya ọ̀rá sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń gé ọ̀rá lọ láìwò, okùn funfun tó já sí méjì ló máa bá. Tí ẹ bá mú ohun kan, ẹ fi ìka yí i: nẹ́ẹ̀fù gan, kò ní ihò nínú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ihò, a sì lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Lára yín pàápàá, ẹ lè kàn án. Ẹ na àtàǹpàkò sókè, ẹ wo okùn tó yọ gànràngànràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi èékánná ìka ọwọ́ kejì gbá orí okùn náà kọjá díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí i bí òwú tín-ín-rín tó ń yí lábẹ́ èékánná, ẹ̀ka nẹ́ẹ̀fù rédíálì tó ń lọ sí awọ nìyẹn.

Nígbà ìdánwò tí ẹ ń pè ní sítípùlúṣéésì, a máa ń so bébà mọ́ nǹkan kan lórí òkú, a ó sì fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ronú orúkọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó pé ibo ló ti wá, kí ló sún mọ́, ibo ló ń lọ. Lẹ́yìn èyí, orúkọ rẹ̀ á yá ní ẹnu.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún yín rèé. Ẹ ya nẹ́ẹ̀fù rédíálì láti abíyá dé àtàǹpàkò, láìwo ìwé, kí ẹ sì fi àmì sí ibi mẹ́ta tó ti lè bàjẹ́. Lábẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ kò ní lè ṣe mọ́ àti ohun tó ṣì lè ṣe. Ẹ gbé e wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wa, a ó fi wé ti òkú tó wà lórí tábìlì.

Èmi ni,
Olùkọ́ yín