Káàdì Aboyún àti Àrùn Giri

Olùkọ́ tí a bá rán lọ sí abúlé ní apá Òkè-Ògùn kì í pẹ́ níbẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí mú ìwé wá bá a pé kí ó bá àwọn kà á. Lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni káàdì aboyún. Ohun tí a kọ sórí rẹ̀ kò pọ̀: ọjọ́ oṣù, iye ọ̀sẹ̀ oyún, nọ́mbà méjì tí ìlà kékeré kan pín níyà, àti àmì kan nípa ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka nọ́mbà méjì náà sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni wọ́n ń kéde àrùn kan tí ó lè pa ìyá àti ọmọ, tí kì í sì í dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àrùn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tí ó lè yọrí sí giri. Ní ọdún 2016 àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn ará ìlú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn rò nípa rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ní ìrònú àti ìjà ilé ọkọ ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ aboyún ru. Ṣùgbọ́n giri, wọ́n ní òtútù ni ó ń fà á. Ẹ wò bí a ti sọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àrùn kan ṣoṣo di ohun méjì tí kò mọ ara wọn. Ẹni tí ó bá gbà pé òtútù ni, aṣọ ni yóò wá kiri láti fi bo aboyún. Kò ní ronú láti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ibi ọmọ ni orísun ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó yẹ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé ọmọ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn dé ibi ọmọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Lára àwọn obìnrin kan, wọn kì í fẹ̀ tó. Ibi ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó a wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wọn a sì máa ba inú iṣan jẹ́ káàkiri ara rẹ̀. Iṣan a fún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì ga. Iṣan a jò, ojú àti ọwọ́ a sì wú. Kíndìnrín pẹ̀lú a jẹ́ kí ohun tí ó yẹ kí ó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀. Bí ó bá dé ọpọlọ, giri dé nìyẹn.

Àrùn yìí kì í sábà fara hàn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ bí ọjọ́ ìbí ti ń súnmọ́. Ìdí nìyí tí ọjọ́ ìbẹ̀wò fi ń súnmọ́ ara wọn bí oyún ti ń dàgbà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti la irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1929. Ní ọdún 2016 Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó jẹ́ ìgbà 8: ìkínní kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12, àwọn ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. Ní ìbẹ̀wò ìkínní ni a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àìtó ẹ̀jẹ̀, fún kòkòrò éèdì àti àwọn àrùn mìíràn tí ó lè ran ọmọ. N kò ní dúró lórí ìwọ̀nyí.

Ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í fẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn lóyún títí ikùn yóò fi yọ. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí ohun tí ìpamọ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ó tètè wá ní ọ̀sẹ̀ 11, nọ́mbà rẹ̀ sì jẹ́ 112/70. Ní ọ̀sẹ̀ 20 ó wá sí 104/62, nítorí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa rọlẹ̀ ní agbedeméjì oyún. Ní ọ̀sẹ̀ 30 ó di 126/80. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó mú káàdì náà lọ́wọ́ rí ibi tí ó ti gòkè wá, ó sì ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ 32 ó di 146/94. Ara obìnrin náà le. Oko ni ó ti ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì mú un jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, apá rẹ̀ wà ní ọ̀gangan àyà. Lẹ́yìn wákàtí 4 ó tún un wọ̀n: 144/92. Ààlà ni 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, bí a bá rí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ 160 tàbí 110 ni, a kì í dúró de wákàtí kankan. Wọ́n rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Ní apá òkè, Ṣakí, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi wà, ni wọn ìbá darí rẹ̀ sí.

Ìtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́rìí. Ohun tí kíndìnrín ń jò jáde jọ funfun ẹyin. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń pa àwọ̀ dà ni a fi ń mọ̀ ọ́n lóde òní. Kí ó tó dé, iná ni wọ́n ń lò. Wọn a bu ìtọ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì fi iná se òkè rẹ̀. Bí ó bá ṣú bí ẹyin tí ń dì, wọn a kán fínígà sí i: bí ìṣú náà bá ká kúrò, iyọ̀ lásán ni, bí kò bá ká, funfun náà ni. Ṣùgbọ́n àrùn yìí lè wà kí ìtọ̀ sì mọ́, nítorí náà ìtọ̀ mímọ́ kò pa ìfúnpá gíga rẹ́.

Ẹsẹ̀ tí ó wú ní ìrọ̀lẹ́ wọ́pọ̀ lára aboyún, òun nìkan kì í ṣe àmì búburú. Èyí tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò ni kí ojú wú láti orí ibùsùn, tàbí kí òrùka há lójijì. Bákan náà ni orí fífọ́ tí ìsinmi kò mú lọ, ojú tí ń ṣú tàbí tí ń rí iná wínníwínní, àti ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní inú kíkún, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ẹ̀dọ̀ tí ó wú. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, omi tí ó ya kí àkókò tó tó, ibà, àti ọmọ tí kò yí mọ́ bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀ wà ní ipò kan náà: ọjọ́ náà gan-an ni kí a lọ, kì í ṣe ọjọ́ ìbẹ̀wò tí ń bọ̀.

Bí giri bá mú obìnrin, kí a fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má sì rọ àgbo fún un, nítorí yóò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn rẹ̀ ni magnẹ́síọ̀mù súlféètì. Ní ọdún 2002 ni ìwádìí kan tí ó lé ní 10,000 obìnrin ní ilẹ̀ 33, Nàìjíríà sì wà lára wọn, fi hàn pé ó dín ewu giri kù ju ìdajì lọ. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 14: a ń fi 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. A lè fún un ní ilé ìtọ́jú kékeré kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ó bá pọ̀ jù, èémí a rẹlẹ̀. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì fi ń ka èémí rẹ̀ tí ó sì ń gbá orúnkún rẹ̀ wò bóyá ó ń ta. Oògùn yìí kò wo àrùn náà sàn, ó kàn ń dá giri dúró ni. Kí ibi ọmọ jáde ni ó ń mú ìdí rẹ̀ kúrò.

Síbẹ̀ iṣan tí ó ti bàjẹ́ kì í san lọ́jọ́ kan. Láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ga jù, giri sì lè dé lẹ́yìn tí ọmọ ti wà lọ́wọ́. Ìyá ọmọ tí ó bá ní orí ń fọ́ òun, tí ojú òun sì ń ṣú, ní ìgbà tí ilé ń múra ìsọmọlórúkọ, kì í ṣe ariwo àlejò ni. Káàdì rẹ̀ ni kí a tún mú, kí a gbé e lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.