Ẹ̀bùn fún Mọ̀lẹ́bí ní Warri: Tẹlifíṣọ̀n àbí Pirojẹ́kítọ̀?

Ọgbọ́n kan náà ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní àti ọ̀pọ̀ pirojẹ́kítọ̀ kékeré fi ń ṣe àwòrán. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ojú ẹni tó ń wò ó ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n LCD, àwọn gílóòbù LED wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn gílásì, wọ́n sì ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun síwájú. Láàárín gílóòbù àti ojú gílásì ni ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí iná mànàmáná ń ṣí, tó sì ń pa dé bíi fèrèsé. Ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní píksẹ̀lì, ní fèrèsé mẹ́ta tirẹ̀: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti àwọ̀ aró. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ráyè kọjá níbẹ̀ ń bọ̀ tààrà sójú ẹni tó jókòó. Pirojẹ́kítọ̀ kékeré náà ní irú ìpele bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá là á kọjá á wọ inú lẹ́ńsì, lẹ́ńsì á fọ́n ọn ká sára ògiri, ògiri ló wá ń dá a padà sójú.

Kò sí ẹ̀rọ tó lè tan òkùnkùn sára ògiri, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Níbi tí àwòrán bá ti yẹ kó dúdú, ohun kan ṣoṣo tí pirojẹ́kítọ̀ lè ṣe ni pé kó má tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ojú yóò rí níbẹ̀ ni ògiri gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ yàrá ṣe bá a. Bí oòrùn bá ń gba ojú fèrèsé wọlé, ògiri funfun á máa tàn, irun orí òṣèré àti àwọn ìran òru inú fíìmù á sì ṣì bí ẹni pé eérú bò wọ́n. Ti tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú gílásì rẹ̀ fúnra rẹ̀ dúdú, ó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ yàrá mì, ìdí nìyẹn tí dúdú fi ń jẹ́ dúdú níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ohun kan náà ló fà á tí gbogbo ilé sinimá fi máa ń ṣókùnkùn. Àwọn tó wo fíìmù Aiyé ti Hubert Ogunde, tó jáde ní 1979, nínú gbọ̀ngàn mọ̀ pé kí iná tó kú, kò sí àwòrán.

Ẹ jẹ́ ká mú pálọ̀ kan ní Effurun, nítòsí Warri, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ìyẹn lé díẹ̀ ní mítà 3.6 sí mítà 3. Ẹnì kan ní Ìbàdàn fẹ́ ra ẹ̀bùn fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ibẹ̀. Ó ń rò ó bóyá kóun ra tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43, tàbí pirojẹ́kítọ̀ kékeré tí yóò ṣe àwòrán ínṣì 80 sára ògiri. Igun dé igun ni wọ́n ń wọn ínṣì wọ̀nyí. Ìbú àwòrán tẹlifíṣọ̀n náà yóò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 95, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 54. Ti pirojẹ́kítọ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 177 ní ìbú, 100 ní gíga, èyí tí í ṣe mítà onígun mẹ́rin 1.77.

Lúmẹ̀nì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ti lẹ́ńsì jáde. Kí a ní pirojẹ́kítọ̀ yìí ń mú 300 lúmẹ̀nì tòótọ́ jáde. Bí a bá pín in sí 1.77, nǹkan bí 170 lúmẹ̀nì ló máa bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba fèrèsé wọlé bá ti fi 200 sára ògiri náà, ibi tó dúdú jù nínú àwòrán yóò jẹ́ 200, ibi tó funfun jù yóò sì jẹ́ 370. Funfun kò tó ìlọ́po méjì dúdú. Ènìyàn á gbọ́ ohùn àwọn òṣèré, ṣùgbọ́n agbára káká ni yóò fi dá ojú wọn mọ̀. Lálẹ́, tí gílóòbù kan ń tàn tó sì ń fi 50 sára ògiri, ìyàtọ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀: ó ṣeé wò, kò dán. Bí wọ́n bá pa gbogbo iná tó fi ku 2 péré, ó á lé ní ìlọ́po 80, àwòrán á sì dùn ún wò. Ẹ̀rọ kan náà ni, ògiri kan náà ni, aago ló yí padà.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mú àwòrán náà tóbi sí i, kó rántí pé ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí i. Bí ínṣì bá di ìlọ́po méjì, ojú ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ní láti bò á di ìlọ́po mẹ́rin, ibi kọ̀ọ̀kan á sì gba ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ààyè náà tún ní tirẹ̀ láti sọ. Pirojẹ́kítọ̀ tí wọ́n kọ 1.2 sí lára nílò ìjìnnà tó jẹ́ ìlọ́po 1.2 ìbú àwòrán. Fún ínṣì 80, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 2.1 jìnnà sí ògiri. Fún ínṣì 100, mítà 2.65. Nínú pálọ̀ tí à ń sọ yìí, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà yóò wà láàárín àga, níbi tí ọmọdé ti ń kọjá, tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ sí àjà.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni nọ́ńbà lúmẹ̀nì tí wọ́n kọ sára páálí. Èyí tó ṣeé gbára lé ni èyí tí wọ́n kọ ANSI tàbí ISO tẹ̀ lé, nítorí ìlànà kan wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Níbi tí wọ́n bá kọ 9000 láìsí ìkankan nínú méjèèjì, kí olùrà wo iye wáàtì tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Gílóòbù LED ń mú nǹkan bí 100 lúmẹ̀nì jáde nínú wáàtì kan. Bí ẹ̀rọ náà bá ń jẹ 60 wáàtì, orísun ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò lè ju 6000 lọ. Ìpele tó ń ṣí tó ń pa dé á gba ìdajì níbẹ̀, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó kù, á wá ku 1000. Lẹ́ńsì àti gílásì inú tún ń jẹ tiwọn kí ìmọ́lẹ̀ tó jáde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ju ọgọ́rùn-ún lúmẹ̀nì mélòó kan wá, ohun yòówù kí páálí wí. Ẹ̀tàn kejì wà nínú iye píksẹ̀lì. Páálí lè sọ pé ẹ̀rọ ń gba fíìmù 1920×1080, kí ìpele inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 1280×720 tàbí kó kéré sí i. Nọ́ńbà ti ìpele inú ni kí wọ́n béèrè.

Pirojẹ́kítọ̀ ńlá tó ń mú 3000 lúmẹ̀nì jáde wà, irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ń lò. Ó lè bá ìmọ́lẹ̀ yàrá jà dáadáa ju ti kékeré lọ. Ṣùgbọ́n gílóòbù inú ọ̀pọ̀ wọn gbóná gan-an, ó sì ń jẹ nǹkan bí 250 sí 300 wáàtì. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, fáànù tó ń tu gílóòbù náà lára á dúró nígbà tó ṣì gbóná janjan. Bí iná bá dé kíákíá, ẹ̀rọ náà lè má tàn títí yóò fi tutù, bí èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀mí gílóòbù náà á kúrú. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, irú èyí nílò bátìrì tí yóò gbé e dúró títí fáànù yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ínfátà náà rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì olómi 12 fólítì kan tó jẹ́ 100 Ah, bí wọn kò bá fẹ́ kó tètè kú, kò yẹ kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì. Lẹ́yìn ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, nǹkan bí 500 wáàtì fún wákàtí kan ló kù. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 tó ń jẹ 80 wáàtì, pẹ̀lú díkódà tó ń jẹ 15, yóò lò ó fún wákàtí márùn-ún. Pirojẹ́kítọ̀ ńlá pẹ̀lú díkódà àti sípíkà, tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ 300, kò ní lò tó wákàtí méjì. Pirojẹ́kítọ̀ kékeré àti tẹlifíṣọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ti èyí.

Àwọn ohun tó yẹ kí wọ́n wò lára tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ó lè gba DVB-T2, ìlànà tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n orí afẹ́fẹ́ onídíjítà jáde ní Nàìjíríà; pirojẹ́kítọ̀ kì í sábà ní in, díkódà ló máa ń gbára lé. Èkejì ni ojú HDMI méjì ó kéré tán, kí díkódà àti ẹ̀rọ mìíràn lè wọlé pọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ láti 100 sí 240 fólítì, kó má baà máa kú nígbà tí iná bá rẹlẹ̀. Ìyẹn kò gbà á lọ́wọ́ iná tó ga lójijì, nítorí náà ó ṣì nílò ohun tí yóò dáàbò bò ó níbi tí wọ́n ti ń kì í bọ iná.

Àìsàn tó sábà ń ṣe tẹlifíṣọ̀n LED ni kí gílóòbù ẹ̀yìn kú. Ohùn á máa dún, ojú á ṣókùnkùn; bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí gílásì náà nítòsí, wọ́n á rí àwòrán fírífírí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ní ti pirojẹ́kítọ̀ kékeré, eruku ọyẹ́ tí fáànù ń fà wọlé á di àmì bàìbàì tí kò kúrò lójú kan bí àwòrán tilẹ̀ ń yí. Bí eruku bá di ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ooru á sun ìpele inú, àbààwọ́n ofeefee á sì hàn láàárín àwòrán. Èyí kì í ṣeé fọ̀ kúrò.

Kí wọ́n tó ra ohunkóhun, lẹ́tà tí ẹni tó fẹ́ fúnni ní ẹ̀bùn yóò kọ kò gbọdọ̀ ju ìbéèrè mẹ́ta lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ máa ń wo nǹkan jù, ọ̀sán ni àbí alẹ́? Báwo ni pálọ̀ yín ṣe gùn tó láti ògiri dé ògiri, ṣé kọ́tìnì rẹ̀ sì ń dí ìmọ́lẹ̀? Kí lẹ fi ń gbé iná nígbà tí kò bá sí NEPA?" Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ìyá náà ń gbọ́ ìròyìn lówùúrọ̀, tó sì ń wo fíìmù lọ́sàn-án pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí nítorí ooru Warri, tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 ló tọ́ sí i. Pirojẹ́kítọ̀ yẹ ilé tó ti ní tẹlifíṣọ̀n, tí ẹbí sì ń pé jọ lálẹ́ láti wo bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù níbi tí iná ti lè kú pátápátá, tàbí ẹgbẹ́ àdúrà tó nílò àwòrán ńlá. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n tàn án ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó sanwó. Ti pirojẹ́kítọ̀ ní pàtàkì, kí wọ́n tàn án síbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti pálọ̀ ẹni tí wọ́n ń rà á fún, kí wọ́n sì fi ìran tó ṣókùnkùn nínú fíìmù dán an wò.