Ojú Ìwé Ni Àmì Yẹn Wà Ni, àbí Ojú Gíláàsì?

Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń jókòó nílé mi n'Íbàdàn láti kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́fà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù ní kíkọ àti kíkà èdè wa lórí Zoom. Àmì ohùn ló máa ń fún wọn ní wàhálà jù. Tí mo bá tẹ "igbá" lórí kọ̀ǹpútà, odindi ọ̀rọ̀ náà ló máa yọ sí wọn lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò ní rí i pé lẹ́tà ni ọwọ́ kọ́kọ́ kọ, kí àmì tó gorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní kálámù, kí n lè máa kọ ọ́ níṣojú wọn.

Ẹ fara balẹ̀ yan kálámù o. Èyí tí kò wọ́n, tó ní rọ́bà rọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́nu, kò yàtọ̀ sí ìka ọwọ́ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí a ti ń ṣe tí a bá ń kọ̀wé, àtẹ́lẹwọ́ náà á máa fa ìlà kiri. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì kan, bíi S Pen ti Samsung tàbí Apple Pencil ti iPad, ni tábúlẹ́ẹ̀tì fi ń mọ kálámù yàtọ̀ sí ọwọ́. Àmọ́ ti ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo fi kọ̀ǹpútà alágbèéká wọ kíláàsì, òun ló ń gbé ojú mi àti ohùn mi lọ, òun náà ni mo fi ṣí ìwé tí a fẹ́ kà sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Mo wá fi tábúlẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì kan náà bí ẹni pé èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó gbọ́ ohùn, kò sì sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan, ohùn ọ̀kan á wọnú èkejì, á sì máa hu fatafata. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo tẹ àwòrán pẹ́ńsù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sórí ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ni mo tò sísàlẹ̀ ara wọn: oko, owo, ile. Mo fi kálámù sọ oko di ọkọ, mo kan àmì sí abẹ́ o méjèèjì. Nígbà tí mo fa ìwé náà sókè kí a lè ka ọ̀rọ̀ tó kàn, ọmọ kan pariwo pé, "Ọwọ!" Owó ni mo fẹ́ kó kà. Mo wo ojú ẹ̀rọ dáadáa: ìwé ti sún sókè, àmì mi ò sún. Abẹ́ owo ló jókòó sí wẹ́kú, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ rárá. Ohun tó rí ló kà.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé irinṣẹ́ ìsàmì Zoom kì í kọ nǹkan sórí ìwé. Ó dà bí gíláàsì tí a gbé lé ìwé lórí. Orí gíláàsì ni àmì wà, ẹ fa ìwé lábẹ́ rẹ̀, gíláàsì ò ní mira. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ Clear kí ẹ tó sún síwájú, tí ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ náà, ẹ tẹ Save lórí kọ̀ǹpútà ṣáájú.

Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ kọ ohun tó máa pẹ́, mo máa ń gbé ìwé náà sínú Samsung Notes lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kí n tó wá fi ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà han kíláàsì. Àmì tí mo bá kọ níbẹ̀ di ara ìwé, ibi tí ìwé bá sún sí ni òun náà ń lọ. Mo sì ti máa ń pa ìró àti ìfiránṣẹ́ kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ohun tó bá yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ń rí.

Gíláàsì yẹn ṣì wúlò, àwọn ọmọ gan-an ló sì wúlò fún. Mo máa padà sí orí kọ̀ǹpútà, màá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síwájú wọn, "igba," màá pè é, àwọn náà á sì fa àmì tiwọn lé e. Níbẹ̀ ni mo ti ń rí ẹni tí etí rẹ̀ ò tíì mọ̀ igbá yàtọ̀ sí ìgbà. A ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, màá tẹ Clear, ọ̀rọ̀ náà á tún padà síhòòhò fún ọmọ tó kàn.

Ohun kan ṣì ń dá wa dúró díẹ̀. Fóònù ni méjì nínú wọn fi ń wo kíláàsì, àmì tó bá tín-ín-rín kì í hàn níbẹ̀. Mo máa ń gbé fóònù tèmi náà wọ kíláàsì, mo ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n lè rí ohun tí wọ́n ń rí. Ohun tí mo rí ló sọ mí di ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lójú kan, pẹ̀lú ìlà tó nípọn. Tí mo bá sì ti fa àmì tán, màá dúró títí yóò fi yọ lórí fóònù yẹn kí n tó ní kí wọ́n kà á.